Owó ni kí ẹ fi ránṣẹ́, àbí wúrà?

Ẹ̀yin ará tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi, ẹ má fi owó oúnjẹ tàbí owó ilé ìwé ra wúrà. Owó ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Wúrà pẹlẹbẹ onígíráàmù 1 ló ń tanni jù. Ká ní iye owó wúrà inú rẹ̀ jẹ́ 100: wọ́n lè tà á fún yín ní 112, kí ẹni tó máa rà á nílé san 96. Ẹ ti pàdánù 16 nìyẹn, iye owó wúrà ò sì tíì yí padà rárá. Onígíráàmù 10 sàn díẹ̀, àmọ́ ta ló fẹ́ gé e bí àìsàn bá dé?

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ra wúrà, owó tẹ́ ẹ ò ní fọwọ́ kàn fún ọdún 5 ni kí ẹ fi rà á. Ẹ má tú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í, tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lára rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì fún àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù.