Lẹ́tà tí mo fi béèrè àkókò ìfọ́mọlọ́mú níbi iṣẹ́ mi

Kíláàkì ni mí ní ilé ìtajà ohun èlò ìkọ́lé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Aago 8 àárọ̀ la ń ṣí, aago 5 ìrọ̀lẹ́ la ń tì, a sì ń sinmi láti aago 1 sí 2. Nígbà tí ìsinmi ìbímọ mi kù díẹ̀ kó parí, mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá pé kí wọ́n bá mi tún àkókò iṣẹ́ mi tò. Kí lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ti dé ọwọ́ wọn ṣáájú ọjọ́ ìwọlé ló dáa, torí tí èèyàn bá ti jókòó sídìí tábìlì kó tó béèrè, wọ́n á ti pín iṣẹ́ fún un bí ẹni tí kò ní ọmọ lọ́wọ́.

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, abala 54, ni mo gbé e lé. Ó ní kí wọ́n fún obìnrin tó ń fọ́mọ lọ́mú ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láàárín àkókò iṣẹ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ lẹ́tà ti ń bàjẹ́ gan-an nìyí. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ aládàáni á gbọ́ lẹ́nu ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà níṣẹ́ ìjọba pé wákàtí méjì ni tiwọn, òun náà á sì kọ méjì. Lóòótọ́, wákàtí méjì lójúmọ́ fún oṣù 6 lẹ́yìn ìwọlé wà nínú ìlànà iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, àmọ́ ìyẹn ò de ọ̀gá aládàáni. Bí wọ́n bá ti rí i pé ibì kan ò tọ̀nà nínú lẹ́tà, wọn ò ní ka ìyókù tọkàntọkàn mọ́.

Ìdajì wákàtí náà ní wàhálà tirẹ̀. Láti ìtòsí Tákíé dé ilé wa, ọ̀kadà á gbà tó ìṣẹ́jú 10 ní àlọ, 10 ní àbọ̀. Ìṣẹ́jú 10 péré ló kù fún ọmọ, ọmọ tó sì jẹ́ pé kó tó gbá ọmú mú dáadáa, ó ti sunkún díẹ̀. Nítorí náà, mo so ìdajì kejì mọ́ ìsinmi ọ̀sán kó lè di wákàtí kan àbọ̀. Ìdajì àkọ́kọ́ ni mo fi sí aago 10:30, kí n lè fún omi ọyàn sínú ike ní yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì. Mi ò so méjèèjì pọ̀ mọ́ ọ̀sán, torí láti àfẹ̀mọ́júmọ́ dé aago 1 ti jìnnà jù: ọmú á le, á máa ro, omi rẹ̀ á sì máa dínkù bó bá ń rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́.

Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ̀wé níbi iṣẹ́ wa. Ohun tí ìpínrọ̀ tó ṣe kókó sọ nìyí:

“Ẹ jọ̀wọ́ sà, mo ń béèrè ìdajì wákàtí méjì tí Òfin Iṣẹ́, abala 54, fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú. Mo fẹ́ lo àkọ́kọ́ láti aago 10:30 sí 11 nínú ọgbà iṣẹ́. Mo fẹ́ so èkejì mọ́ ìsinmi ọ̀sán, kí n jáde ní aago 1, kí n sì padà ní 2:30. Aago 8 ni n óò máa dé, aago 5 ni n óò máa lọ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹnìkejì mi nídìí ìwé-owó ti gbà láti dúró fún mi. Ẹ jẹ́ ká tún un yẹ̀ wò nígbà tí ọmọ bá pé oṣù 6.”

Gbólóhùn nípa ẹnìkejì mi ṣiṣẹ́ ju ti òfin lọ, lójú tèmi. Ohun tó ń jẹ ọ̀gá lọ́kàn ni ta ni yóò kọ rìsíìtì fún oníbàárà tó ń dúró. Mo ti bá ẹnìkejì mi náà sọ ọ́ kí n tó fi í sínú lẹ́tà. Mo fi fọ́tòkọ́pì káàdì àjẹsára ọmọ sí i, torí ọjọ́ ìbí wà lára rẹ̀. Mi ò sọ̀rọ̀ àárẹ̀ tàbí àìsùn rárá. Ojú ìwé kan ló tó.

Omi ọyàn tí mo bá fún ní 10:30 kì í kàn dúró lórí tábìlì. Bí yàrá ò bá gbóná ju ìwọ̀n 25 lọ, ó lè wà fún wákàtí 4, ṣùgbọ́n ní àsìkò ọ̀gbẹlẹ̀ níhìn-ín, ooru máa ń kọjá bẹ́ẹ̀. Kúlà kékeré tí yìnyín wà nínú rẹ̀ ni mo ń gbé e sí títí n óò fi gbé e délé lọ́sàn-án, òun sì ni màmá ọkọ mi ń fún ọmọ mu ní ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀dà méjì ni mo mú lọ. Akọ̀wé fọwọ́ sí ìkejì, ó kọ ọjọ́ tó gbà á sí i, ó sì dá a padà fún mi. Ọ̀gá gbà, àfi ọjọ́ Ajé: ìgbà yẹn ni tírélà sìmẹ́ǹtì ń já ẹrù ní òwúrọ̀, nítorí náà wọ́n sún ti 10:30 sí 11:30. Mo ní kí wọ́n kọ àtúnṣe náà sí ẹ̀yìn lẹ́tà kí wọ́n sì buwọ́ lù ú, torí máníjà tuntun lè dé tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí a sọ ọ́.