Bí a ṣe ń pèsè síláìdì àfipamọ́ de ìbéèrè tó le lọ́jọ́ dìfẹ́ǹsì

Ní Kàbà níbí, bí àsìkò dìfẹ́ǹsì bá ti dé, ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi kì í gbèrò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á gbé síláìdì wọn wá, èmi á sì bi wọ́n pé, "Èwo lẹ fi pamọ́ de ìbéèrè?" Ọ̀pọ̀ á ní gbogbo èyí tí kò ráyè níwájú làwọn kó sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣì í ṣe. Ẹ̀yìn síláìdì kì í ṣe ààtàn. Ìbéèrè là ń kọ́kọ́ wá, ká tó ya ẹyọ síláìdì kan.

Wíwá ìbéèrè yìí ló ń dá wọn láàmú jù, torí ẹni tó ṣe iṣẹ́ kì í tètè rí ihò ara rẹ̀. Ẹ tẹ síláìdì yín sórí pépà, mẹ́fà lójú ewé kan kó má baà wọ́n, kí ẹ fi bírò pupa yí gbogbo nọ́ńbà inú rẹ̀ ká. Lábẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìbéèrè mẹ́ta: Níbo lo ti rí i? Kí ló dé tí kò pọ̀ jù báyìí lọ? Bó bá yí padà, ṣé ohun tí o sọ á ṣì dúró? Ẹ kọ ọ́ bó ṣe máa jáde lẹ́nu olùkọ́ tẹ́ ẹ bẹ̀rù jù. "Iye èèyàn" kì í ṣe ìbéèrè. "Ta ló ní kí o bi 120 èèyàn?" ni ìbéèrè.

Ẹ má fi mọ sọ́dọ̀ ọmọ kíláàsì yín. Ẹ kà á fún ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà. Ọmọkùnrin kan tó ṣe pùrójẹ́ẹ̀tì lórí iṣu tó ń jẹrà lẹ́yìn ìkórè kà á fún bàbá kan tó ń dáko lọ́nà Ìyárá. Bàbá ní, "Ọmọ mi, èyí tí ọkọ́ ti ṣá nígbà tí a ń wà á ńkọ́? Ṣé o kà á mọ́ ọn?" Kò yà á sọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ojú ọgbẹ́ ni ìjẹrà ń gbà wọlé. Ó padà sídìí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nọ́ńbà tó fẹ́ ba tiẹ̀ jẹ́ gan-an ni 120 yẹn. Orúkọ àgbẹ̀ 400 ló wà nínú ìwé ẹgbẹ́ tó lò, ó sì ti kọ fọ́múlà Yamane, tí wọ́n fi ń mọ iye ẹni tó yẹ ká bi, sí orí kẹta. N ni gbogbo àgbẹ̀ tó wà, n ni iye tó yẹ kó bi, e sì ni àṣìṣe tó gbà láyè:

```
n = N / (1 + N × e²)
400 / (1 + 400 × 0.05²) = 200
```

Fọ́múlà rẹ̀ ní 200, 120 ló bi léèrè. Ẹni tó bá mọ ìṣirò á béèrè 80 tó kù. Ó ti múra láti dáhùn pé àsìkò ò tó, mo ní kó má dán an wò, torí ìyẹn kò sọ ohun tí àìpé náà ṣe sí iṣẹ́ rẹ̀. A ṣe ìṣirò náà padà sẹ́yìn:

```
e = √((400/120 − 1) / 400) ≈ 0.076
```

A wá kọ ọ́ gàdàgbà sórí síláìdì kan pé: "Pẹ̀lú 120, àṣìṣe lè tó ìdá 7.6 nínú 100, kì í ṣe 5." A to ohun tó ṣẹlẹ̀ sí 80 náà sí abẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra níbí o. Bí ẹ bá pín 120 náà sí ọ̀nà méjì láti fi wọ́n wéra, 7.6 kò bá apá kọ̀ọ̀kan mu mọ́, àṣìṣe á fẹ̀ sí i. Bó bá sì jẹ́ ẹni tí ẹ bá pàdé lójú ọ̀nà lẹ kàn bi, tẹ́ ò ṣa orúkọ bí ẹni ń fa tíkẹ́ẹ̀tì, fọ́múlà náà kò lè gbà yín. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fúnra yín kí wọ́n tó sọ ọ́.

Ìbéèrè tí gbólóhùn kan lẹ́nu bá tó, ẹ má ya síláìdì fún un. Èyí tó nílò tábìlì, àwòrán tàbí ìṣirò nìkan ni kí ẹ ṣe, ìbéèrè kan sí síláìdì kan, kí ìdáhùn jẹ́ àkọlé rẹ̀. Mi ò ń kọjá méje.

Ẹ tò wọ́n sẹ́yìn "Ẹ ṣeun". Nínú PowerPoint, ẹ yan wọn, kí ẹ tẹ Hide Slide. Wọn ò ní jáde fúnra wọn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ nọ́ńbà síláìdì tí ẹ wá tẹ Enter nígbà tó ń lọ lójú pátákó, ó máa yọ síta. Ẹ fi bírò kọ ìbéèrè àti nọ́ńbà rẹ̀ sí káàdì páálí kékeré kan, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ láptọ́ọ̀pù. Ẹni tó ń yí síláìdì lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó débẹ̀ ti jẹ́ kí gbogbo yàrá rí gbogbo ìkọ̀kọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá tún fi síláìdì tuntun kún un lálẹ́ tó ṣáájú, nọ́ńbà ti yí padà, ẹ tún káàdì kọ.

Ẹ tẹ àwọn àfipamọ́ náà sórí pépà ní ẹ̀dà mẹ́ta, nítorí NẸ́PÀ. Bí iná bá lọ nígbà tí wọ́n ń béèrè 80 yẹn, ẹ na pépà sí wọn, kí ẹ máa bá àlàyé lọ.