Àìtó ẹ̀jẹ̀ méjì tó fara pa mọ́ sábẹ́ MCV kan ṣoṣo

Obìnrin ẹni ọdún 46 kan ló ń rẹ̀ ṣáá, tó ń mí hẹlẹ tó bá gun àtẹ̀gùn. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa ní yàrá àyẹ̀wò, himogilóbìnì rẹ̀ jẹ́ 8.4 g/dL, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó dín sí 12 fún obìnrin tí kò lóyún. Àìtó ẹ̀jẹ̀ ti dájú nìyẹn. Ohun tó kù ni kí n mọ irú èyí tó jẹ́, bí sẹ́ẹ̀lì pupa ṣe tóbi tó ni mo sì máa ń kọ́kọ́ wò.

Ẹ̀rọ máa ń gbé e jáde lórúkọ MCV, àmọ́ mo fẹ́ràn kí n tún un ṣírò fúnra mi láti inú Hct, ìyẹn ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ẹ̀jẹ̀, àti RBC, ìyẹn iye sẹ́ẹ̀lì pupa:

```
MCV = Hct (%) × 10 ÷ RBC
    = 26 × 10 ÷ 3.0
    = 86.7 fL
```

Tí MCV bá wà láàárín 80 sí 100, a ó ní sẹ́ẹ̀lì náà tóbi bó ṣe yẹ. Tí kò bá tó 80, sẹ́ẹ̀lì kéré nìyẹn: ara kò rí himogilóbìnì tó pọ̀ tó fi kún inú rẹ̀. Àìtó èròjà irin ló máa ń fà á jù, talasíímíà tí wọ́n ń jogún náà sì wà níbẹ̀. Tó bá kọjá 100, ó sábà máa ń jẹ́ pé fítámì B12 tàbí fóléètì kò tó, tí sẹ́ẹ̀lì inú mùdùnmúdùn eegun wá ń dàgbà láìtètè pín. Ọtí àti àrùn ẹ̀dọ̀ náà lè sọ ọ́ di ńlá. Àárín ni àrùn kíndìnrín, ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dà, àti kí sẹ́ẹ̀lì pupa máa fọ́ ṣáájú ọjọ́ rẹ̀, máa ń bọ́ sí.

Nípa ti ìṣirò yìí, àárín ni obìnrin yìí wà. Ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba lásán ni MCV. Bí ẹnì kan bá ga gan-an, tí èkejì sì kúrú, ìpíndọ́gba wọn lè jẹ́ gíga ẹni tí kò sí níbẹ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń wo RDW, èyí tó ń sọ bí sẹ́ẹ̀lì ṣe yàtọ̀ síra tó. Ó yẹ kó wà ní nǹkan bíi 14.5 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀ jẹ́ 22.

Mo ka àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti mùdùnmúdùn. Wọ́n jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ó jọ pé ó dára, àmọ́ lára ẹ̀jẹ̀ tó ti dín kù ni mo ti kà á. Tí mo bá fi Hct rẹ̀ wé 45 tó yẹ kó jẹ́, tí mo sọ ọ́ di 1 × 26 ÷ 45, kò ju 0.6 lọ. Mùdùnmúdùn kò pèsè tó, nítorí náà mo ti ọ̀ràn ẹ̀jẹ̀ tó ń dà tàbí tó ń fọ́ sẹ́yìn.

Máíkírósíkóòpù ló wá là á yékéyéké. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké wà níbẹ̀ tí àárín wọn funfun báláú, àwọn ńlá tó rí bí ẹyin sì wà láàárín wọn. Mo tún rí niutirófììlì, ìyẹn oríṣi sẹ́ẹ̀lì funfun kan, tí kókó inú rẹ̀ pín sí mẹ́fà, èyí tó máa ń tọ́ka sí àìtó B12 tàbí fóléètì.

Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì sí lára náà lè ní oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì bẹ́ẹ̀, ni mo bá pe dókítà.

“Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ṣé wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára láìpẹ́ yìí?”

“Rárá o. Àmọ́ wọ́n ti gé lára ikùn rẹ̀ sẹ́yìn nígbà kan, ó ti pẹ́.”

Ọ̀rọ̀ bùṣe. Omi kíkan inú ikùn ló ń jẹ́ kí irin rọrùn láti gbà sára, ikùn yìí kan náà ló sì ń ṣe èròjà tó ń sin B12 wọ inú ara. B12 tó wà nípamọ́ nínú ẹ̀dọ̀ máa ń gbé ni fún ọdún mélòó kan, ìdí nìyẹn tí àìtó rẹ̀ fi máa ń pẹ́ kó tó yọjú. Fẹ́rítìn rẹ̀, tó ń sọ bí irin tó wà nípamọ́ nínú ara ṣe pọ̀ tó, jáde sí 8, tó kéré gan-an, B12 sì jẹ́ 110 pg/mL, bẹ́ẹ̀ a máa ń retí kó ju 200 lọ. Fóléètì kò ní wàhálà.

Mo kọ méjèèjì sínú èsì, nítorí pé irin nìkan ì bá jẹ́ kí MCV fò kọjá 100 lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Fóléètì nìkan ì bá sì tún burú jù: ẹ̀jẹ̀ lè sunwọ̀n díẹ̀ kí àìtó B12 ṣì máa ba àwọn iṣan ìmọ̀lára jẹ́. Abẹ́rẹ́ B12 àti irin ni dókítà fún un.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tún dé lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, RDW ti gòkè dé 25, dókítà sì béèrè bóyá nǹkan ti bàjẹ́ ni. Mo ní kó wo àwọn sẹ́ẹ̀lì tuntun: wọ́n ti di 9 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ló ń bọ̀ wá dà pọ̀ mọ́ àwọn àtijọ́, ó dìgbà tí àwọn àtijọ́ bá kú tán kí RDW tó sọ̀ kalẹ̀.