Àpò kọfí ₦18,000 tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ṣòfò, omi ni kò gbóná tó

Gíráàmù 250, ₦18,000. Kọfí Ẹtiópíà ni, wọ́n yan án fẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ẹ̀pà yíyan lọ. Ẹni tó tà á fún mi ní màá gbọ́ òórùn òdòdó nínú ẹ̀. Ife mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ tí mo ṣe nílé wa ní Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́, bíi pé mo ń mu omi mángòrò tí kò tíì pọ́n ni. Màámi tọ́ ọ wò, wọ́n fajú ro: "Àkànní, kí lo fún sí i, ọsàn wẹ́wẹ́?" Gíráàmù 15 ni mò ń lò fún ife kan. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: ₦9,720 ti bá omi lọ kí n tó rí ohun tó ń ṣe é. Inú ṣì ń bí mi.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mi ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe kọfí. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń fi àrọ amọ̀ dídán àti bébà asẹ́ ṣe é, tí mò ń da omi sí i díẹ̀díẹ̀ láti òkè. Ṣùgbọ́n kọfí tí wọ́n yan dúdú ni mo fi kọ́ṣẹ́, mo sì rò pé ohun tó bá dúdú mu á bá fífẹ́ẹ́rẹ́ mu. Wíwọn àti lílọ̀, mi ò ní fi ìyẹn dá yín dúró.

Omi àkọ́kọ́ ni mo kọ́kọ́ fura sí, ìyẹn omi díẹ̀ tí à ń fi rin kọfí kí ó lè wú ká tó da ìyókù. Tí omi bá kan kọfí dúdú, ṣe ló máa ń hó, á wú sókè bí ẹ̀wà àkàrà tí wọ́n pò dáadáa. Èyí kàn sùn sílẹ̀, ó yọ ìfófòó díẹ̀ létí, ó parí. Mo bá pe ẹni tó tà á, mo fi ohùn líle sọ fún un pé ọjà tó ti pẹ́ ló tà fún mi. Ó ní kò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ tí wọ́n yan án. Mi ò gbà á gbọ́, òun ló sì jàre. Wíwú yẹn, gáàsì ni, èyí kan náà tí à ń mí síta. Inú kóró kọfí ló kó sí nígbà tí wọ́n ń yan án. Bí wọ́n bá ṣe yan án dúdú tó ni gáàsì á ṣe pọ̀ tó, ihò wẹ́wẹ́ inú kóró náà á sì ṣí, kíá ni gáàsì á tú jáde. Kóró tí wọ́n yan fẹ́ẹ́rẹ́ ṣì le, ọwọ́ yín á sọ fún yín tí ẹ bá ń yí ọlọ. Gáàsì rẹ̀ kò pọ̀, kì í sì í yára jáde. Nítorí náà, ẹ má fi bó ṣe wú ṣe ìwọ̀n. Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni bóyá gbogbo rẹ̀ ti rin. Èmi ń da gíráàmù omi 45 sórí 15 yẹn, mo ń mi àrọ yípo lẹ́ẹ̀kan kí ibi gbígbẹ má ṣẹ́kù, mo sì ń fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 45. Ó dára, ṣùgbọ́n kíkan náà ò lọ.

Mo bá ní kí n lọ̀ ọ́ kúnná sí i. Ife méjì ni ìyẹn jẹ. Ìyẹ̀fun ẹ̀ dí bébà pa, omi dúró gbagidi sójú kan, ìṣẹ́jú mẹ́fà ló lò kó tó kán tán, nígbà tí mẹ́ta yẹ kó tó. Èyí tó jáde wá kan, ó sì tún korò. Tí ẹ bá rí méjèèjì pa pọ̀ nínú ife kan, ibì kan ni omi là kọjá nínú kọfí náà, ó fọ ibẹ̀ jù, kò fọwọ́ kan ìyókù.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe kéèkì ló gbà mí. Tẹmómítà tó fi ń wo ṣúgà ni mo yá. Àárọ̀ ọyẹ́ ni. Omi inú kẹ́tù oníná hó, mo wọn ọ́n: 99 dígírì. Kò lè tó 100 níbí, nítorí Ògbómọ̀ṣọ́ fi nǹkan bíi mítà 350 ga ju ojú òkun lọ. Ìyẹn kì í ṣe wàhálà. Mo dà á sínú ìkòkò onímu gígùn tí mo fi ń da omi: 91. Ó ti sọ dígírì mẹ́jọ nù nítorí pé ìkòkò náà tutù láti òru. Mo dà á sórí kọfí nínú àrọ, mo ti tẹmómítà bọ àárín ẹ̀: 77! Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ fún ara mi pé omi híhó ni mò ń lò, omi 77 ni kọfí mi ń rí.

Kóró fífẹ́ẹ́rẹ́ kò tètè tú adùn ẹ̀ sílẹ̀. Kíkan ló kọ́kọ́ máa ń jáde, adùn ló máa ń tẹ̀ lé e, ìkorò ló máa ń gbẹ̀yìn. Tí omi bá tutù, ibi kíkan lẹ ó ti dúró. Fún ife mẹ́sàn-án gbáko, ibẹ̀ ni mo wà.

Àtúnṣe ẹ̀ ò ná mi ní kọ́bọ̀. Mo da omi híhó sínú ìkòkò onímu náà, mo fi èyí tó kù ṣan àrọ àti bébà títí àrọ fi gbóná mọ́wọ́. Mo dà á nù, mo tún omi sè, mo bu òmíràn lọ́gán. Lẹ́nu ìkòkò, 97. Nínú kọfí, 86. Lẹ́yìn tó wú tán, mo pín ìyókù sí ọ̀nà mẹ́ta, gíráàmù 65 lẹ́ẹ̀kan, ó di 240. Mò ń dà á yípo láti àárín síta, mo ń jẹ́ kí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlẹ̀ tán kí n tó da òmíràn. Omi tuntun kọ̀ọ̀kan ń mú ooru padà wá, ó ń ru kọfí sókè, ohun tí kóró líle náà nílò nìyẹn. Ọ̀nà márùn-ún tó dọ́gba ni Tetsu Kasuya, ará Jàpáànù tó gba ipò kìíní ní ìdíje àwọn tó ń po kọfí lágbàáyé ní 2016, máa ń pín tirẹ̀ sí. Mo dán an wò, ṣùgbọ́n fún gíráàmù 15 mi, mẹ́ta tó.

Ife kẹwàá! Òórùn òdòdó tí ẹni yẹn sọ wà níbẹ̀ lóòótọ́, adùn sì tẹ̀ lé kíkan náà. Mo pè é, mo tọrọ àforíjì.

Ẹ wá wò ó, inú mi dùn débi pé mo gbé omi 97 yẹn lọ sórí kọfí dúdú tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ewúro! Ahọ́n mi gbẹ dìndìn. Kóró dúdú ti rọ̀, kíá ló ń tú ohun inú rẹ̀ sílẹ̀, tí a bá tún fi omi gbígbóná jù àti rírú kún un, ìkorò nìkan ló kù. Fún un, mò ń ṣí ìdérí kẹ́tù títí omi á fi wá sí 88, mo ń lọ̀ ọ́ ṣàkì díẹ̀ sí i, ìṣẹ́jú àáyá 30 sì tó fún wíwú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mò ń da ìyókù, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láàárín gbùngbùn, kí ẹnu ìkòkò súnmọ́ kọfí kí omi má baà gbẹ́ ẹ.

Tí ẹ ò bá ní tẹmómítà, ẹ yá a. Ká ní mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ife kejì, gíráàmù 105 sí i ni ì bá ṣì wà nínú àpò yẹn lónìí. Gíráàmù 10 ló kù báyìí, kò tó ife kan.