Bí mo ṣe kọ lẹ́tà ìsinmi ìbímọ mi

Èmi ni mo ń ṣètò owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aládàáni kan n'Íbàdàn. Nígbà tí mo lóyún àkọ́bí mi ní 2023, mo rò pé lẹ́tà ìsinmi ìbímọ kò ju kí n kọ ọjọ́ tí mò ń lọ àti ọjọ́ tí mò ń bọ̀. Ọjọ́ méjèèjì yẹn gan-an ni mo kọ́kọ́ ṣì kọ.

Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí wá. Ọjọ́ 8 oṣù kìíní ni nǹkan oṣù mi kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ka ọ̀sẹ̀ 40 láti ibẹ̀, ó bọ́ sí ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá. Àwòrán inú tí wọ́n yà fún mi ní tirẹ̀ mú ọjọ́ 18 jáde. Dókítà ní ìyàtọ̀ ọjọ́ mẹ́ta kò tó nǹkan, kí n di ọjọ́ 15 mú, ṣùgbọ́n kí n mọ̀ pé ọmọ lè ṣáájú ọjọ́ náà, ó sì lè kọjá rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ "ọjọ́ tí a ń retí" sínú lẹ́tà náà.

Ọ̀sẹ̀ 12 ni ìwé ìlànà ilé-iṣẹ́ wa fún obìnrin tó bímọ, owó oṣù rẹ̀ á sì pé. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, ní abala 54, kò béèrè ju ìdajì owó lọ fún ẹni tó ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà mo tọ́ka sí ìwé ìlànà wa, mo sì kọ nọ́ńbà ojú ìwé rẹ̀. Òfin yẹn kan náà sọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbímọ àti mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Mo bá ka mẹ́fà sẹ́yìn: màá lọ ní Mọ́ńdè ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án, màá sì padà ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá.

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ fi hàn. Wọ́n kà á tán, wọ́n ní, "Bí ọmọ bá wá pẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ńkọ́?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò sọ pé kí n tún un kọ?"

"Tún un kọ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ìṣáájú, ẹ̀tọ́ rẹ ni, o lè má lò ó tán. Mẹ́fà ẹ̀yìn ìbímọ, òfin ò gbà kí o ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ rárá. Bó o ṣe kà á yìí, ọmọ ò gbọdọ̀ pẹ́."

Ara mi le, dókítà sì gbà, ni mo bá sún ìlọ mi sí Mọ́ńdè ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á ṣáájú, mẹ́sàn-án á kù fún ẹ̀yìn. Ẹni tí ìfúnpá ń yọ lẹ́nu tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n ohun tó sọ nìyí:

"A ń retí ìkúnlẹ̀ mi ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá, 2023. Mo tọrọ ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12 láti ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án. Màá wọṣẹ́ padà ní ọjọ́ 18 oṣù kejìlá. Bí ìbímọ bá pẹ́ débi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò tíì pé lọ́jọ́ náà, màá kọ̀wé láti sún un."

Lẹ́yìn èyí ni mo sọ bí iṣẹ́ á ṣe máa lọ. Mo kọ orúkọ ẹni tí yóò san owó oṣù mẹ́ta tí n kò ní sí nílé, mo sì kọ ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ jẹ́ kó kọjá: owó ìfẹ̀yìntì láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí owó oṣù bá wọlé, owó orí kó tó kọjá ọjọ́ 10 oṣù tó tẹ̀ lé e. Èmi àti ẹ̀ jọ san ti oṣù kẹjọ pọ̀ kí n tó lọ.

Fún ìgbà tí mo bá dé, mo béèrè àkókò ìfọ́mọlọ́mú. Òfin fún wa ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ṣùgbọ́n ọmọ á wà lọ́dọ̀ màmá mi ní Mọ́níyà, n ò lè lọ kí n sì bọ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n pa méjèèjì pọ̀, kí n máa kúrò ní aago mẹ́rin dípò márùn-ún. Ọ̀gá fọwọ́ sí i.

Ohun kan ṣì dá lẹ́tà náà padà. Ẹ̀dà káàdì aboyún ni mo so mọ́ ọn ní oṣù keje, ṣùgbọ́n ìwé dókítà tó sọ pé ìbímọ lè wáyé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni òfin ń béèrè. Dókítà ò lè kọ ìyẹn ní oṣù keje. Wọ́n gba lẹ́tà, mo sì mú ìwé náà wá ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án.

Ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ni mo bí ọmọ mi obìnrin. Ká ní mo lo ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kọ ni, ọ̀sẹ̀ márùn-ún àti ọjọ́ méjì ni ì bá pé lọ́jọ́ tó yẹ kí n wọṣẹ́. Nígbà tí mo wọlé ní ọjọ́ 18 oṣù kejìlá, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àti ọjọ́ méjì, owó oṣù kejìlá sì wà lórí tábìlì tó ń dúró dè mí.