Bí mo ṣe wá ojútùú sí "ó", "òun" àti "wọ́n" nígbà tí mo ń túmọ̀ ìtàn kan sí Gẹ̀ẹ́sì

Ìtàn kúkúrú olójú ìwé mẹ́ta ni mo túmọ̀ láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì. Èèyàn mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: Dókítà Ọláyínká, Ìdòwú, ẹ̀gbọ́n Ìdòwú, àti Àṣàkẹ́ tó jẹ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n náà. Ibi tó gba àkókò mi jù nìyí:

> Dókítà Ọláyínká wọlé. Wọ́n ní kí Ìdòwú jókòó. Ìdòwú ní òun kò lè jókòó, pé ẹ̀yìn ń dun òun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé àga wá, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Wọ́n wò ó títí, wọ́n wá sọ fún un pé kó padà wá lọ́la, pé àwọn fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ mẹ́tàlá ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan péré, ìyẹn "e" inú "gbé e", ló dúró fún nǹkan, àga ni. Èèyàn ni méjìlá yòókù dúró fún, kò sì sí èyí tó sọ fún wa bóyá ọkùnrin ni onítọ̀hún tàbí obìnrin. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ á fẹ́ kí á yan `he` tàbí `she`. Èyí ló máa ń ba atúmọ̀ lẹ́rù, ṣùgbọ́n lójú tèmi, kì í ṣe ibẹ̀ ni ìtumọ̀ ti ń bàjẹ́ jù. Ọ̀ràn akọ tàbí abo ṣeé wádìí, ó sì ṣeé yẹra fún. Ohun tí "òun" àti "wọ́n" ń sọ tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ni ó máa ń bọ́ sọnù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura.

Àmì ohùn ni mo kọ́kọ́ mú. Ẹ̀dà tí wọ́n fún mi kò ní àmì kankan lórí, mo sì fi gbogbo rẹ̀ sí i kí n tó túmọ̀ gbólóhùn kan. Láìsí àmì, "o" lè jẹ́ "o", ìyẹn ìwọ tí à ń bá sọ̀rọ̀, ó sì lè jẹ́ "ó", ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Bákan náà ni "re" lè jẹ́ "rẹ", tìrẹ, tàbí "rẹ̀", tirẹ̀. Ẹni tó bá ka "egbon re" tó sì túmọ̀ rẹ̀ sí `your elder brother` ti sọ ìtàn di lẹ́tà. Níbi tí gbólóhùn kan bá gba àmì méjì, gbólóhùn tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e ni mo fi ń pinnu.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo mú pẹ́ńsù, mo fi nọ́ńbà sí orí ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ kọ̀ọ̀kan, mo sì kọ orúkọ ẹni tó dúró fún sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Oríṣi méjì ló máa ń sá pamọ́ fún ojú. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ìṣe, tí kò ju fáwẹ̀lì kan lọ: "rí i", "gbé e", "wò ó", "fún un". Fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀ ìṣe náà ló ń tún ara rẹ̀ pè, nítorí náà ẹni tó ń kàwé kíákíá á rò pé ó kàn fa ohùn ni. Èkejì ni èyí tí kò hàn rárá. A kì í sọ pé "ó kò wá". "Kò wá" ni à ń sọ, "ó" ti bọ́ dànù. Bẹ́ẹ̀ náà ni "yóò wá". Gẹ̀ẹ́sì ò gbà kí àyè yẹn ṣófo, nítorí náà mo fi nọ́ńbà sí iwájú gbogbo "kò" àti "yóò" tí kò ní olùwà níwájú wọn.

Nígbà tí mo mọ ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí, mo ya àtẹ kan tó ní òpó mẹ́ta: ẹni náà, ẹ̀rí pé ọkùnrin tàbí obìnrin ni, àti ìlà tí ẹ̀rí náà wà. Mo ka ìtàn náà dópin kí n tó kọ ohunkóhun sínú òpó kejì. Ẹni tó bá ń yan `he` tàbí `she` bó ṣe ń bá gbólóhùn kọ̀ọ̀kan pàdé yóò kọ́kọ́ pe dókítà ní ọkùnrin torí pé dókítà ni, bí ìlà kan ní ojú ìwé kẹta bá sì tako ó, á di dandan kó padà sẹ́yìn. Ó tilẹ̀ lè fò ó, kí dókítà kan náà jẹ́ ọkùnrin lókè kó sì di obìnrin nísàlẹ̀.

Orúkọ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbani. Tọkùnrin tobìnrin ló ń jẹ́ Ìdòwú, bẹ́ẹ̀ náà ni Ọláyínká, Táíwò àti Kẹ́hìndé. Oríkì ló ṣeé fọkàn tẹ̀: obìnrin ni Àṣàkẹ́ àti Àjọkẹ́, ọkùnrin ni Àkànní àti Àlàó. Nínú orúkọ àmútọ̀runwá, Òjó jẹ́ ọkùnrin, Àìná jẹ́ obìnrin. "Ẹ̀gbọ́n" àti "àbúrò" ò sọ nǹkan kan ju ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ bí lọ.

Ìdẹkùn kan wà ní ojú ìwé kejì tó yẹ kí n dúró lé. Àṣàkẹ́ kí Ìdòwú pé, "Ọkọ mi, ẹ kú ilé." Ẹni tó bá túmọ̀ èyí sí `my husband` á gbà pé ọkùnrin ni Ìdòwú, á sì tún sọ Àṣàkẹ́ di aya ẹni méjì. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé máa ń pe gbogbo ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ tí ó bá nílẹ̀ ní ọkọ, ì báà jẹ́ obìnrin. Àwọn náà á máa pè é ní ìyàwó, obìnrin á sì pe obìnrin bíi tirẹ̀ ní "ìyàwó mi". Nítorí náà, n kò ka "ọkọ mi" sí ẹ̀rí. Ẹ̀rí tó dájú wà ní ojú ìwé kẹta, níbi tí ìtàn náà ti sọ pé ẹ̀yìn ti ń dun Ìdòwú "láti ìgbà tó ti lóyún ọmọ rẹ̀ kejì". Ọ̀rọ̀ parí: `she` ni Ìdòwú. Àṣàkẹ́ jẹ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n, nítorí náà `he` ni ẹ̀gbọ́n. "Ọkọ mi" fúnra rẹ̀ di `my dear` nínú Gẹ̀ẹ́sì. Kò gbé ipò ilé ọkọ wá, ṣùgbọ́n kò parọ́.

Dókítà nìkan ni ẹ̀rí kò sí fún. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ ìtàn náà, ó ní òun kò fẹ́ kí èèyàn mọ̀. Mo wá gbé `they` yẹ̀ wò. Kò sí àléébù nínú rẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo: ìwé ìlànà ìkọ̀wé APA, ẹ̀dà keje tó jáde ní 2019, fọwọ́ sí i. Àmọ́ nínú àyọkà yìí, dókítà àti ẹ̀gbọ́n jọ wà nínú yàrá. Bí mo bá kọ `They looked at her`, òǹkàwé á rò pé àwọn méjèèjì ló ń wò ó. Ìdí nìyí tí mo fi tún oyè pè, `the doctor`, tí mo sì tún gbólóhùn tó kẹ́yìn tò kó má nílò ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ fún dókítà mọ́. Títún oyè pè náà ní ààlà: bó bá ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ nínú ìpínrọ̀ kan, etí á kọ̀ ọ́. Níbi tí dókítà ti dá wà, mo lo `they`.

"Wọ́n" fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta nínú aṣọ kan. Ó lè jẹ́ èèyàn púpọ̀. Ó lè jẹ́ ẹnì kan tí à ń bọ̀wọ̀ fún, bíi dókítà níbí. Ó sì lè má tọ́ka sí ẹnikẹ́ni pàtó, bíi "wọ́n ti ilẹ̀kùn náà", tó yẹ kó di `the door was locked`, nítorí ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò ni pé mo máa ń padà sẹ́yìn wo orúkọ tó sún mọ́ ọn jù. Bó bá jẹ́ àgbà tàbí olóyè, tí a kò sì fi "ó" pè é níbikíbi, ọ̀wọ̀ ni. Bí "gbogbo wọn" tàbí "àwọn méjèèjì" bá wà nítòsí, èèyàn púpọ̀ ni. Bí n kò bá rí ẹnikẹ́ni, mo lo irú gbólóhùn ilẹ̀kùn yẹn. Ọ̀wọ̀ náà kò ní ibi tó máa gbà wọnú `he` tàbí `she`, nítorí náà mo wá ibòmíràn fún un: mo fi oyè sílẹ̀ lára orúkọ, mo sì kọ `asked Idowu to sit`, kì í ṣe `ordered`.

Ó ku "òun", èyí tí mo fẹ́ràn jù. Lẹ́yìn "ní", "sọ pé", "rò pé" àti irú wọn, ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ni "òun" ń tọ́ka sí. "Àwọn" náà ń ṣiṣẹ́ yìí fún ẹni ọ̀wọ̀: "pé àwọn fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò" kì í ṣe àwùjọ dókítà, dókítà kan náà ni. Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí láti ojú ìwé kejì, níbi tí Àṣàkẹ́ ti ń bá Ìdòwú sọ̀rọ̀: "Àṣàkẹ́ ní òun ti gba ìwé náà" àti "Àṣàkẹ́ ní ó ti gba ìwé náà." Nínú ti àkọ́kọ́, Àṣàkẹ́ ló gbà á. Nínú ìkejì, ẹlòmíràn ni. Obìnrin ni àwọn méjèèjì, nítorí náà `Asake said she had collected the form` gba méjèèjì mọ́ra, ìyàtọ̀ náà sì ti lọ. Mo sọ ti àkọ́kọ́ di ọ̀rọ̀ ẹnu Àṣàkẹ́ gan-an, mo sì fi orúkọ sí ìkejì:

```
"I've collected the form," Asake said.
Asake said Idowu had collected the form.
```

Kì í ṣe gbogbo "òun" ló ń ṣe èyí o. "Òun ló gbé e" kàn ń tẹnu mọ́ ẹni tó ṣe é ni, "òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀" sì kàn ń so èèyàn méjì pọ̀.

Báyìí ni àyọkà náà ṣe rí nígbẹ̀yìn:

```
Dr. Olayinka came in and asked Idowu to sit.
Idowu said she couldn't; her back hurt.
Her elder brother brought a chair and set it
by the wall. The doctor looked at her for a
long time, then told her to come back the
next day for a blood test.
```

Mẹ́tàlá ti di mẹ́fà. "Wò ó" inú Yorùbá lè jẹ́ Ìdòwú tàbí ẹ̀gbọ́n títí èèyàn á fi ka ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. `her` ti sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, torí ọkùnrin ni ẹ̀gbọ́n. Ká ní obìnrin ni ẹ̀gbọ́n náà ni, orúkọ Ìdòwú ni mi ò bá kọ síbẹ̀.

Ní ìparí iṣẹ́, mo fi ìwé Yorùbá pamọ́, mo fún ẹnì kan tí kò kà á rí ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan, mo sì ní kó kọ orúkọ sí orí gbogbo `she`, `he`, `her`, `it` àti `they`. Mo fi èsì rẹ̀ wé nọ́ńbà tí mo fi pẹ́ńsù kọ. Ibi méjì ni kò bára mu, "òun" ló sì wà nínú Yorùbá ní ibi méjèèjì. Mo fi orúkọ rọ́pò wọn, mo sì fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ pẹ̀lú ìlà kan fún olóòtú pé kó má ṣe yí `the doctor` padà sí `he`.