Bí a ṣe ń ṣètò oúnjẹ oníyọ̀ díẹ̀ nínú ìdánwò àṣefihàn

Irú ìbéèrè kan wà tí kì í ṣàjèjì sí ẹni tó ń kọ́ nípa oúnjẹ: "Bàbá rẹ àgbà ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣètò oúnjẹ ọ̀sán tí òun àti ẹni mẹ́ta mìíràn nínú ilé máa jọ jẹ, kí o sì sè é." Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ pé iyọ̀ kò gbọdọ̀ pọ̀, á sì tún kọ mágì mẹ́ta sínú ìwé ọjà. Ibẹ̀ ni máàkì ti ń lọ, torí olùdánwò á gbé ìwé ọjà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí o kọ, á wò ó bóyá wọ́n bára mu.

Ìṣirò ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, kí o tó ronú kan ọbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, èyí tí kò kún ṣíbí tíì kan. Gbogbo ọjọ́ ló ni gíráàmù yẹn o, búrẹ́dì tí bàbá jẹ láàárọ̀ sì ti mú nínú rẹ̀. Èmi máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi má jẹ́ kí ti ọ̀sán kọjá gíráàmù 1.5.

Wàyí o, mú ọbẹ̀ ata ẹlẹ́ni mẹ́rin bí a ṣe ń sè é nílé: ṣíbí tíì iyọ̀ kan, nǹkan bíi gíráàmù 5, àti mágì mẹ́ta. Horo mágì kan wọn nǹkan bíi gíráàmù 4, iyọ̀ sì tó bí ìdajì rẹ̀, nítorí náà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé gíráàmù 6 wá. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 11. Pín in sọ́nà mẹ́rin, àwo bàbá á gba 2.75. Ọbẹ̀ nìkan nìyẹn, ó sì ti ju ìdajì ti odindi ọjọ́ lọ. Bí o bá yọ mágì kúrò pátápátá, tí o sì fi ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sè é, àwo kan á gba nǹkan bíi 0.6. Kọ ìṣirò yìí sínú ìwé rẹ. Má kọ "iyọ̀ díẹ̀" tàbí "iyọ̀ bó bá ṣe wù ọ́", torí olùdánwò ò lè wọn ìyẹn.

Ká ní àmàlà, ewédú àti ọbẹ̀ ata ẹlẹ́ja tútù lo yàn, pẹ̀lú ìbẹ́pẹ lẹ́yìn oúnjẹ. Ewédú ló ń tan àwọn ènìyàn jẹ jù. Wọn ò ní fi iyọ̀ sí i, ṣùgbọ́n wọ́n á ju káún sí i kó lè fà. Sódíọ̀mù tó wà nínú iyọ̀, òun náà ló wà nínú káún, ẹ̀jẹ̀ ríru kò sì mọ̀yàtọ̀ wọn. Fi ìjábẹ̀ ja ewédú rẹ dáadáa, yóò fà láìsí káún. Irú náà, tọ́ ọ wò kí o tó rà á, torí àwọn kan máa ń fi iyọ̀ sí i kó má tètè bàjẹ́. Bó bá níyọ̀, ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì. Edé ní iyọ̀ tirẹ̀ láti inú òkun wá, nítorí náà má bù ú kún ọwọ́.

Kí ló máa wá gbé adùn rẹ̀? Fi aáyù, atalẹ̀ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ ra ẹja náà sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Jẹ́ kí omi ata gbẹ dáadáa kí o tó dín in, fi àlùbọ́sà tó pọ̀ sí i, kí o sì já efinrin sí i nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jinná. Ìparí ni kí o fi iyọ̀ tí o ti wọ̀n sí i. Bí àwọn yòókù bá fẹ́ kó dùn sí i, bu ti bàbá sọ́tọ̀ kí o tó fi kún un, kí o sì kọ ìṣẹ́jú tí o máa bù ú sínú ètò iṣẹ́ rẹ. Olùdánwò tó bá rí ìlà kan yẹn mọ̀ pé o ti ro ọ̀rọ̀ náà dé orí iná.

Má kọ iyọ̀ onípòtásíọ̀mù sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà àbáyọ, àyàfi tí ìbéèrè bá sọ pé dókítà fọwọ́ sí i. Ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń ba kíndìnrín jẹ́, kíndìnrín tí kò sì ṣiṣẹ́ dáadáa kì í lè lé pòtásíọ̀mù jáde. Ọkàn ni ewu rẹ̀ ń bá.

Tí wọ́n bá ní bàbá tún ní ìtọ̀ ṣúgà, ọbẹ̀ ò yí padà. Òkèlè ló máa dínkù, kí ewédú àti ẹja gba àyè rẹ̀ nínú àwo. Má kọ ọ́ pé àmàlà kò ní ṣúgà, nítorí inú ara ni sítáàṣì rẹ̀ ti ń di ṣúgà. Gé ìbẹ́pẹ náà wẹ́wẹ́ fún un, díẹ̀. Má lọ̀ ọ́ di omi.